Ìṣaasùn amọ̀ Dada, lítà mẹ́ta, pẹ̀lú ọmọrí: ₦6,000

Ohun tí mo kọ síbí tẹ́lẹ̀ ni “ojúlówó ìṣaasùn àrà ọ̀tọ̀, kò lẹ́gbẹ́, kì í fọ́.” Ìyá kan wá pè mí láti Ọ̀ffà: “Ọmọ mi, kò lẹ́gbẹ́, mo ti gbọ́. Ṣé ó gba adìyẹ?” Ẹnu mi wọhò. Mo bá lọ gbé rúlà àti òṣùwọ̀n.

Ó gba adìyẹ kan tí ẹ ti gé, àti omi ọbẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sọ odidi sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ ni yóò máa gbé ọmọrí dúró. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18, ikùn rẹ̀ 23, ó sì ga ní 16. Ẹ da omi inú ike 75 sẹ̀ńtílítà mẹ́rin sí i, yóò dé ọrùn. Láìsí ọmọrí, ó wọn kílò 2.1. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, nítorí náà tiyín lè fi sẹ̀ǹtímítà kan tóbi tàbí kéré sí èyí tí mo wọ̀n.

Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, Òkèlélé, níbí ní Ìlọrin, ló mọ ọ́n. Ìta gbangba ni wọ́n ti fi igi sun ún, ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n dúdú fi wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin ha á.

Ìdí rẹ̀ rí róbótó. Ó jókòó dáadáa lórí àdògán àti lórí ẹsẹ̀ gáàsì, ṣùgbọ́n lórí tábìlì yóò yí. Mo fi òṣùká aṣọ kan sínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kò san kọ́bọ̀ lé e.

“Kì í fọ́” ti kúrò níbẹ̀. Amọ̀ ni, ó ń fọ́, pàápàá bí ẹ bá da omi tútù sí i nígbà tó gbóná. Ṣùgbọ́n ooru kì í tètè kúrò lára rẹ̀: gbẹ̀gìrì tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ṣì ń hó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wo aago.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ rì í sómi mọ́júmọ́, kí ẹ sì fi iná jẹ́jẹ́ se ẹ̀kọ mímu nínú rẹ̀, kí sítáàṣì lè dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ìta rẹ̀ lè máa làágùn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, amọ̀ á fà á mu, ẹ ó sì tọ́ ọ wò nínú ọbẹ̀.

Ọlọ́kadà ń gbé e kiri ìgboro Ìlọrin ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ₦1,500. Kí ẹ tó jẹ́ kó lọ, ẹ gbé ìṣaasùn lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá dún gooro bí agogo, ó pé. Bó bá dún gbì, ó ti sán níbì kan: ẹ dá a padà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, èmi ni n ó san owó rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀.