Ìtọ́ni Àwòrán: Oòrùn Ọjọ́rọ̀ Lára Dúpúlẹ́ẹ̀sì Àkóbọ̀

Àwòrán mẹ́ta la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí tọkọtaya tó ni ilé náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà. Ìyàwó nínú wọn sọ fún mi lórí fóònù pé bí òun bá rántí Ìbàdàn, ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀ ni òun máa ń rí. Oṣù kìíní ọdún ni mo fi gbogbo rẹ̀ sí, nítorí ojú ilé yìí kọ sí gúúsù: nígbà ọyẹ́, oòrùn máa ń wọ̀ díẹ̀ sí gúúsù, á sì fẹ̀gbẹ́ ra ojú ilé náà. Ní oṣù kẹfà, ìhà àríwá ló máa ń gbà wọ̀, ojú ilé kò ní rí i rárá nírọ̀lẹ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ AI tó ń fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán bí mo ṣe kọ wọ́n; --ar ni ìwọ̀n fífẹ̀ àwòrán sí gíga rẹ̀.

Kìíní: ojú ilé láti ẹnu géètì

Fọ́tò ilé dúpúlẹ́ẹ̀sì alájà méjì ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, tí a dúró sí ẹnu géètì yà, lẹ́ńsì 24 mm, kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ojú ènìyàn, òpó ilé dúró ṣánṣán. Ojú ilé fẹ̀ tó mítà 12. Ọ̀dà rẹ̀ funfun bíi wàrà, páànù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kọfí, bákóní kan wà lókè ẹnu ọ̀nà, fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ìbòjú kọnkéré tó yọ síta ní 30 cm. Aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, oṣù kìíní. Oòrùn wà lápá òsì, lẹ́yìn kámẹ́rà díẹ̀, ó ga ní digírì 16, òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ oyin, nǹkan bí Kẹ́lífìnì 3,300. Ọyẹ́ mú kí ojú ọ̀run ràndànràndàn, ilé tó wà lọ́nà jíjìn ń ṣe bàìbàì nínú eruku.

Igi ọ̀pẹ kan tó ga ní mítà 9 wà ní ìgun òsì àgbàlá. Òjìji rẹ̀ rìn sọ́tùn-ún lórí íńtálọ́ọ̀kì, ó gun ògiri, imọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ sára àjà òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákóní. Etí òjìji imọ̀ náà rọ̀, kò mú bí abẹ. Ìbòjú fèrèsé kọ̀ọ̀kan na òjìji sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n 70 cm. Inú òjìji ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ṣì hàn, kò dúdú kirikiri. Òjìji fẹ́ǹsì ìhà òsì, tó ga ní mítà 2.4, bo ìdajì àgbàlá, oòrùn sì wà lórí ìyókù. Gbogbo òjìji dorí kọ ọ̀nà kan náà. Kò sí ènìyàn, kò sí ọkọ̀, kò sí ewéko ilẹ̀ òkèèrè.

```
--ar 3:2
```

(Ẹ má ṣe sọ oòrùn kalẹ̀ jù níbí. Ní digírì 10, òjìji fẹ́ǹsì yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 14, àgbàlá wa kò sì fẹ̀ ju 18 lọ. Ilẹ̀ á ṣókùnkùn, ilé á sì dà bí ohun tó léfòó.)

Kejì: bákóní

Ilé kan náà, ṣùgbọ́n bákóní òkè nìkan, lẹ́ńsì 85 mm. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, oòrùn ti sọ̀kalẹ̀ sí digírì 10, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pupa sí i. Irin bákóní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ na òjìji rẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìn, ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju irin tó bí i lọ, ó sì ń rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Àga onípákó kan wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ nínú oòrùn. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí díẹ̀, àwòjìji ọ̀run aláwọ̀ oyin wà lára rẹ̀. Ọ̀dà ògiri hàn ní gbogbo hóróhóró rẹ̀, nítorí oòrùn ẹ̀gbẹ́ kì í fi nǹkan pamọ́.

```
--ar 4:5
```

Kẹta: ilẹ̀

Kámẹ́rà rẹlẹ̀, ó wo íńtálọ́ọ̀kì pupa àti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà láti ìwọ̀n orúnkún. Oòrùn digírì 16. Ní ìdí òpó ilé, etí òjìji mú. Ní mítà 10 sí i, etí náà ti fẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan. Eruku ọyẹ́ wà láàárín íńtálọ́ọ̀kì. Sálúbàtà aláwọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, òjìji wọn gùn tó bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ gíga wọn.