Ìwé Iṣẹ́ Ìṣirò: Yíyanjú Ìdọ́gba Méjì Pọ̀ Nípa Pípa Lẹ́tà Kan Rẹ́

Bí ìdọ́gba kan bá ní lẹ́tà méjì tí a kò mọ iye wọn, òun nìkan kò lè fún wa ní iye méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ìdọ́gba méjì pọ̀, tí a ó pa lẹ́tà kan rẹ́ kí ó lè ku ẹyọ kan ṣoṣo tí a ó wá iye rẹ̀. Lẹ́tà kò ní parẹ́ àfi bí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ bá bára mu nínú ìdọ́gba méjèèjì. Bí àmì wọn bá yàtọ̀, a ó ro ìdọ́gba méjèèjì pọ̀. Bí àmì wọn bá jọra, a ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Àpẹẹrẹ kìíní

3x + 2y = 16 … (1)
5x − 3y = 14 … (2)

Kò sí nọ́ńbà iwájú tó bára mu níbí. A ó pa y rẹ́, nítorí pé àmì rẹ̀ ti yàtọ̀ síra, àṣìṣe sì máa ń kéré nínú àròpọ̀ ju nínú àyọkúrò lọ. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí 2 àti 3 lè pín láìsí ìyókù ni 6, nítorí náà a ó fi 3 sọ (1) di púpọ̀, a ó sì fi 2 sọ (2) di púpọ̀, láì gbàgbé apá ọ̀tún:

9x + 6y = 48 … (3)
10x − 6y = 28 … (4)

Ro (3) àti (4) pọ̀:

19x = 76
x = 76 ÷ 19 = 4

Fi 4 rọ́pò x nínú (1):

3(4) + 2y = 16
12 + 2y = 16
2y = 4
y = 2

Fi (2) yẹ ìdáhùn wò, nítorí pé (1) ni a fi wá y: 5(4) − 3(2) = 20 − 6 = 14. Ó tọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kejì

4x − 3y = 18 … (1)
4x + 5y = 2 … (2)

Nọ́ńbà iwájú x bára mu, àmì wọn sì jọra, nítorí náà a ó yọ (2) kúrò nínú (1). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì: wọ́n á kọ 2y, nígbà tó jẹ́ pé 5y ni a ń yọ kúrò nínú −3y. Ẹ lo àkámọ́:

(4x − 4x) + (−3y − 5y) = 18 − 2
−8y = 16
y = −2

Fi −2 rọ́pò y nínú (2):

4x + 5(−2) = 2
4x − 10 = 2
4x = 12
x = 3

Àyẹ̀wò nínú (1): 4(3) − 3(−2) = 12 + 6 = 18. Ó tọ̀nà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ yanjú ìdọ́gba wọ̀nyí. Ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àyẹ̀wò hàn. Ìdáhùn tí kò ní ìgbésẹ̀ yóò gba máàkì 1 péré nínú 5.

1. x + y = 9; x − y = 3
2. 5x + 2y = 19; 3x + 2y = 13
3. 2x + 3y = 1; 3x − 2y = 21