Àkọsílẹ̀ Ojú Ewé Kan fún Ọ̀gá: Ìwé Ìwádìí Oyè Kejì lórí Gàrí Ìjẹ̀bú

Sí: Ọ̀gá àgbà, ẹ̀ka ìmọ̀ràn àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde
Láti ọwọ́: akọ̀wé ẹ̀ka ìpèsè oúnjẹ
Nítorí: ìpàdé Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Odògbólú

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àkótán àti ìparí ìwé náà nìkan ni wọ́n fi sikánà yà ránṣẹ́. Orí kẹrin, níbi tí àbájáde gan-an wà, kò sí níbẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìwé náà rí ni pé àwọn tó ń ṣe gàrí kì í fún ẹ̀gẹ́ ní àsìkò tó mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá rin ín. Ọjà ń pè, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á sì gbé e lé agbada. Gàrí náà kò ní kan bí ti Ìjẹ̀bú, sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, sì lè kù sínú rẹ̀. Rínrin ló ń jẹ́ kí èròjà inú ẹ̀gẹ́ pàdé ohun tó ń tú u ká; májèlé tó bá jáde á bá omi tí a fún lọ, ìyókù á bá ooru agbada lọ. Ìdúró ọjọ́ díẹ̀ ló ń fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín láyè láti mú un kan. Ṣùgbọ́n kíkan nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé májèlé ti tán, mà; ìparí ìwé náà sọ èyí kedere ju àkótán lọ.

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyí. Àkótán ní ọjọ́ 3 ti tó fún ẹ̀gẹ́ rírin láti dúró. Nínú ìparí, yíǹkì ti tàn sára nọ́ńbà náà. Mo fi wé àwọn 3 àti 5 yòókù lójú ewé yẹn: orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti 5. Ó jọ pé ìwé náà ta ko ara rẹ̀. Bákan náà, ìwọ̀n kíkan hàn bíi 08, àmì tó yẹ kó wà láàárín ti parẹ́. Ìlànà Kódẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún gàrí ni 0.6 sí 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 0.8 bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìléwọ́. Èyí tí a lè sọ láìbẹ̀rù ni ààlà tí Kódẹ́ẹ̀sì fi lélẹ̀ lórí sáyánáìdì: kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan.

Ìwé náà dábàá pé kí ìjọba ra jáàkì ńlá fún wọn. N kò fara mọ́ ọn. Ìkánjú ni àrùn ibẹ̀; jáàkì tó yára sí i, láìsí àpò àti àyè tí ẹ̀gẹ́ rírin lè dúró sí, yóò kàn mú ìkánjú náà pọ̀ sí i ni. Àpò àti òrùlé ni kí á kọ́kọ́ bá wọn wá.

Lọ́jọ́ ìpàdé, kí á sọ̀rọ̀ lórí rínrin tó kúnná, fífún omi dáadáa, àti yíyan títí tí yóò fi gbẹ ṣàkàṣàkà. Ẹ má dárúkọ iye ọjọ́ kankan títí orí kẹrin yóò fi dé. Lẹ́tà tí a fi máa béèrè rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú.