Àlàyé lórí ìwé owó orí tó wá sọ́dọ̀ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti ka ìwé náà tán. Kì í ṣe ìwé ẹjọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní owó orí ọdún tó kọjá ku 480,000.

Ohun tó ká mi lára wà lójú ewé kejì. Àwọn oníbàárà yín méjì ti yọ 150,000 nínú owó iṣẹ́ yín, wọ́n sì ti san án fún ìjọba lórúkọ yín, ṣùgbọ́n òdo ni àwọn agbowó orí kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà náà fún yín. Bí àwọn agbowó orí bá gbà á wọlé, 330,000 ló kù.

Èlé ìdádúró jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Oṣù mẹ́ta ti di 14,400, ó sì ń pọ̀ sí i. Ìwé àtakò kò dá èlé náà dúró, nítorí náà ẹ san 330,000 tí a kò jiyàn lé lórí báyìí.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún yín láti kọ̀wé takò ó. Láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé, 4 Oṣù Kẹta, ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ó parí ní 3 Oṣù Kẹrin. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí mi lọ́la, kí n lè kọ ọ́.