README: owoko, iṣẹ́ láàbù kẹta (tábìlì háàṣì)

Ètò yìí ka orúkọ àdúgbò Ìbàdàn àti owó ọkọ̀ láti inú fáìlì, ó sì ń dáhùn bí a bá béèrè iye tí ọkọ̀ gbà dé ibẹ̀. Àwa la hùmọ̀ iye owó inú `owo.tsv`. Ẹ má fi wọ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ

gcc àti make nìkan ló nílò. A kó kóòdù utf8proc sínú `lib/`, kí ẹni tí kò ní dátà lè kọ́ ọ.

```
make
./owoko owo.tsv "Ẹlẹ́yẹlé"
make test
make asan
```

`make asan` tún gbogbo ìdánwò ṣe pẹ̀lú `-fsanitize=address`. Ó lọ́ra díẹ̀.

## Ìdí tí a fi ṣe é báyìí

Àmì ohùn ló gba ìrònú jù. Bí bọ́tìnnì tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá ṣe rí, "Ẹlẹ́yẹlé" lè jẹ́ báìtì 15, 16 tàbí 17. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n `strcmp` rí i, á sì ní kò sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo orúkọ ń gba inú `utf8proc_NFC` kọjá kí a tó ṣírò háàṣì rẹ̀, nígbà ìkọsílẹ̀ àti nígbà ìbéèrè. A ronú pé ká kúkú yọ àmì dànù, ṣùgbọ́n orúkọ méjì tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀ yóò di ọ̀kan. Ẹni tó bá tẹ "Eleyele" lásán kò ní rí nǹkan kan. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Háàṣì náà ni FNV-1a, báìtì 8. Bí orúkọ méjì bá fẹ́ àyè kan, èkejì á sún sí àyè tó tẹ̀ lé e. Orúkọ tí a pa ń fi àmì "òkú" sílẹ̀, a sì ń ka òkú mọ́ alààyè nígbà tí a bá ń wò ó bóyá tábìlì ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí a kò bá kà wọ́n, òkú lè gba gbogbo àyè, wíwá orúkọ tí kò sí á wá di àìlópin.

## Ohun tí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń wò

`t_ipile`: fífi sí i, wíwá, pípààrọ̀ iye, orúkọ tí kò sí.

`t_ami`: ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà tẹ Ẹlẹ́yẹlé gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá.

`t_pa` ló ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn `t_ami`. Ó ń lo háàṣì èké tó ń dá 7 padà fún gbogbo orúkọ, ó pa èyí tó wà láàárín, ó sì wò ó bóyá èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ṣeé rí.

`t_gbooro`: orúkọ 10,000, láti àyè 64 sókè.

`t_faili`: ìlà tí kò ní táàbù, owó tó ní lẹ́tà nínú, báìtì tí kì í ṣe UTF-8. Ètò á fo ìlà náà, á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí stderr.

Kò sí ìdánwò fún ètò méjì tó ń lo tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ láàbù náà kò béèrè rẹ̀.