Ìbéèrè owó ìrànwọ́ fún kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù "Mo Mọ Ẹ̀sìn Aládùúgbò Mi", ilé ìwé ìjọ wa ní Kubwa, Abuja

Sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ilé ìwé ìjọ Kristẹni ni tiwa, àmọ́ nínú ọmọ 286 tó wà ní júníọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì wa, Mùsùlùmí ni 61, torí pé àwa la sún mọ́ ilé wọn jù. 2,600,000 náírà là ń béèrè lọ́wọ́ yín ká lè kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan, ká tẹ̀ ẹ́, ká sì fi odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ, láti September.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ta wá jí. Nínú ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá, lásìkò bíréèkì, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì jókòó sẹ́yìn, kò jẹun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ pọfupọ́ọ̀fù bi í pé ṣé Ọlọ́run tiyín ò fẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ni, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ yẹn kàn ń fi etí híjáàbù nu ojú. Tíṣà wọn wà níbẹ̀, "ó ti tó, ẹ jókòó" nìkan ló rí sọ. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Mà, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn." Tíṣà dáadáa ni o, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo dàgbà sí, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi la ti ń jẹ ẹran Iléyá, àwọn náà á wá jẹ ìrẹsì Kérésì nílé wa, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wa ní kíláàsì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abuja níbí ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdílé jìnnà, kóńpáùndì kálukú ti wà ní títì pa. Tí bíbélì nọ́lẹ́ẹ̀jì bá sì ti bẹ̀rẹ̀, láíbìrárì làwọn ọmọ Mùsùlùmí ń lọ jókòó, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tiwọn lọ́tọ̀ nìyẹn, ọmọ Kristẹni náà ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa wọn rí.

A ò ní da bíbélì nọ́lẹ́ẹ̀jì àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù pọ̀ o, ẹ rántí ariwo tó sọ ní 2017 nígbà tí ìjọba kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan. Kálukú á máa ṣe tiẹ̀ lọ, pírọ́jẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò ní sí ìjọsìn nínú rẹ̀, òbí ló sì máa fọwọ́ sí i kí ọmọ tó wọlé, torí ìwé òfin Nàìjíríà, abala 38, ò gbà ká fi ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti ọmọ kọ́ ọ ní túláàsì.

Ohun tá ò ní yẹ̀ lórí ẹ̀ rèé: ohun tí Mùsùlùmí gbà gbọ́, Mùsùlùmí ló máa kọ ọ́, Kristẹni á kọ tiẹ̀. Òǹkọ̀wé mẹ́fà, mẹ́ta-mẹ́ta. Omi la máa fi bẹ̀rẹ̀, àlùwàlá àti ìrìbọmi, ká tó dé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, Ramadan àti Lẹ́ńtì, ká wá ka ìtàn Yusuf nínú Bíbélì àti nínú Sura 12, káwọn ọmọ fúnra wọn wo ibi tó ti jọra àti ibi tí ò jọra, a ò ní sọ pé ìkan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà Gbagyi tó nilẹ̀ yìí náà á wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn.

Ní Kaduna, Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye ti kọjú ìjà síra wọn rí, Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sínú wàhálà 1992, kí àwọn méjèèjì tó jọ dá ẹgbẹ́ ìlàjà sílẹ̀ ní 1995. Ìgbà tí wọ́n dàgbà tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn. Ọmọ ọdún 11 la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀.

Owó rẹ̀: àwọn òǹkọ̀wé 900,000, títẹ ìwé 320 ní 3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 960,000, kíkọ́ tíṣà 14 fọ́jọ́ mẹ́ta, 630,000, bọ́ọ̀sì lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹfà, 420,000, ìwé àlàyé fáwọn òbí ní Hausa àti Yorùbá, 240,000, àyẹ̀wò, 150,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 3,300,000, ìjọ wa á san 700,000 níbẹ̀.

Fún àyẹ̀wò náà, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, a máa ní káwọn ọmọ ṣàlàyé ààwẹ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, ọmọ ẹlẹ́sìn yẹn ló sì máa sọ bóyá wọ́n gbà á. Èyí tó bá kùnà, a máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín bó ṣe rí gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá wò wá, ẹ wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní aago mẹ́wàá, bíréèkì nìyẹn. Ẹ bá wa jókòó nínú kíláàsì kejì.

Igbákejì pírínsípà