Fọ́múlà Tí Kò Pé

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí agogo tó lù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èbúté Mẹ́ta, fún àtúnyẹ̀wò ìṣirò tí ó gbẹ̀yìn kí àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá tó jókòó ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, Ìyáàfin Àjàyí tan pirojẹ́kítọ̀, ó sì rí i pé síláìdì àkọ́kọ́ ti gé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Fọ́múlà gbọọrọ tí ó kọ láti etí kan dé èkejì ti pàdánù `x =` níwájú, `− 4ac` tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé `b²` lábẹ́ rúùtù kò sí mọ́, `2a` nìkan ló dúró digbí nísàlẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo pé pérépéré.

Àgùnbánirọ̀ tí ó wá ràn án lọ́wọ́ fa tábìlì sẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún àwọn tí ó jókòó níwájú. Àwòrán náà tóbi sí i, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti gé kò yí padà.

Káyọ̀dé, tí ó máa ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa síláìdì yẹn dé ná, kí a wo ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lára ògiri."

Aago tí ó máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kò sí níbẹ̀. Síláìdì kò jẹ̀bi: 16:9 ni kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ojú pirojẹ́kítọ̀ sì jẹ́ 4:3, ó wá ń fẹ àwòrán náà kọjá ààlà ara rẹ̀. Rìmóòtù kò ní bátìrì (ti ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ní?), nítorí náà Káyọ̀dé tẹ bọ́tìnì orí ẹ̀rọ náà, ó wá `Aspect` kàn nínú `Menu`, ó sì yí i láti `Zoom` sí `Auto`. Àwòrán súnkì, òkùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ hàn lókè àti nísàlẹ̀, fọ́múlà sì jáde tán.

Agogo lù. Bí Ìyáàfin Àjàyí ṣe ń kọjá, ó rí i pé ọmọkùnrin kan níwájú ti da èyí tí ó gé kọ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ti fa ìlà sí i nídìí. Kò bá a wí. Ó ní kí ó wá fi ohun tí ó kọ yanjú `x² − 5x + 6 = 0` lójú pátákó.

Ọmọ náà rí 5 àti 0.

"Fi 0 rọ́pò `x`, kí a wò ó."

"Ó ku 6, mà," ni ọmọbìnrin kan wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ọmọkùnrin náà tó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè.

Ó yíjú wo ògiri, ó fi `− 4ac` kún tirẹ̀, ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rí 3 àti 2, Ìyáàfin Àjàyí ní kí gbogbo wọn ṣí ìwé wọn, kí kálukú yẹ ohun tí ó kọ wò, kí òun tó ṣí síláìdì kejì.